Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: owó ṣì ń lọ lórí káàdì tuntun

Ìbéèrè mi nìyí: "Àwọn olè gba àkáǹtì tí mo fi ń rajà, wọ́n fi káàdì mi ra ẹrù, wọ́n sì tún fi í sí ìsanwó oṣooṣù. Báǹkì ti fún mi ní káàdì tuntun, owó ṣì ń lọ. Kí ló dé?"

Ẹ ṣé o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní báǹkì lẹ tú u fún mi: àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì bíi Visa àti Mastercard máa ń fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí oníṣòwò tó ti ní ti àtijọ́ lọ́wọ́. Mo ní kí báǹkì mi níbí ní Amẹ́ríkà dá ìyẹn dúró, kí wọ́n sì dínà mọ́ oníṣòwò náà. Ó ti dáwọ́ dúró.

Òṣìṣẹ́ báǹkì fẹ́ kọ ọ́ sínú àròyé mi pé mo fagi lé ìsanwó ni. Mo kọ̀, wọn ì bá ní kí n mú ẹ̀rí ìfagilé wá, bẹ́ẹ̀ olè ló forúkọ sílẹ̀.

Bùrọ̀dá tó ní ọgọ́ta (60) ọjọ́ la ní láti fi ṣàròyé ní báǹkì, òótọ́ ni fún káàdì àwìn níbí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń kà á. Àǹtí tí wọ́n jí káàdì ATM wọn n'Íbàdàn, ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀tọ̀ ni tiyín.

Ó ku ẹrù náà. Oníṣòwò ní orúkọ àti àdírẹ́sì bá ti ọjà tí mo ti rà tẹ́lẹ̀ mu. Kò lè ṣe kó má bá a mu, inú àkáǹtì mi lolè wà! Mo ti fi ímeèlì tó sọ pé wọ́n yí ọ̀rọ̀ aṣínà mi padà ránṣẹ́ sí báǹkì. Báǹkì ṣì ń wò ó bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n fi rà á jọ tèmi. Wọ́n ti dá owó padà fúngbà díẹ̀, wọ́n sì lè gbà á padà.