Wai-fai àlejò: kí ni kí n fi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Àlejò pọ̀ nílé wa, wai-fai sì ni gbogbo wọn ń béèrè. Mo ti tan `Guest Network` lórí ráútà. Ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ni mo fi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà, nọ́ńbà 8. Àbúrò ọkọ mi ní ilẹ̀kùn tí mi ò tì ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Akin: Ẹ fi òwe ṣe é, ẹ ò ní gbàgbé. Ẹ sì fi orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà pamọ́, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Bàbá Adé: Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì. Lórí WPA2, ìlànà ààbò wai-fai, ẹni tó wà nítòsí lè ká ohun tí fóònù àti ráútà ń bára wọn sọ nígbà tí wọ́n bá ń so pọ̀, kó gbé e lọ sílé, kó máa fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ wò. Ráútà yín ò ní mọ̀ rárá. Kọ̀ǹpútà tó lágbára lè dán mílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ọjọ́ tó wà nínú 100 ọdún ò sì tó 37,000.

Akin, gígùn dára, àmọ́ òwe ti wà lẹ́nu gbogbo ayé, gbólóhùn táyé mọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń dán wò. Orúkọ tí ẹ fi pamọ́, fóònù yín fúnra rẹ̀ ló máa ń pè é síta nígbà tó bá ń wá a.

Èmi kọ 0 dé 9 sórí bébà pélébé, mo dà wọ́n sápò, mo ń fà wọ́n láti mọ ojú ewé àti ìlà tí mo máa ṣí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ọ̀rọ̀ márùn-ún, irú bí `afara-ikoko-lekeleke-owu-sibi`. Ẹ fa tiyín o. Bí ìwé náà bá ní ọ̀rọ̀ 8,000, mẹ́rin péré á gba kọ̀ǹpútà yẹn ju 100 ọdún lọ kó tó dán gbogbo rẹ̀ tán. Ìkarùn-ún sọ ọ́ di ìlọ́po 8,000. Ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má sì lo lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́. WPA2 ò gbà wọ́n.

Ṣadé: Tèmi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò gbọ́ ti fóònù mi mọ́ látìgbà tí mo ti tan ti àlejò. Ṣé ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn ló fà á?

Bàbá Adé: Rárá, fóònù rẹ ló bọ́ sórí ti àlejò. Ẹni tó wà níbẹ̀ ò yẹ kó rí ẹ̀rọ inú ilé. Dá a padà sórí ti ilé. Ìyá Ìbejì, ẹ yẹ tiyín wò: ẹ so fóònù mọ́ ti àlejò, ẹ pa dátà, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì ráútà yín, bíi `192.168.1.1`. Bí ojú ìwé rẹ̀ bá ṣí, odi tó yẹ kó wà láàárín àlejò àti ilé ò tíì dúró.

Ìyá Ìbejì: Ó ṣí! Mo wá rí i pé mo ti fàyè gba àlejò láti dé ẹ̀rọ inú ilé. Mo ti pa á, kò ṣí mọ́. Mo yan WPA3, ìlànà tó tẹ̀ lé WPA2, nìkan, àmọ́ fóònù màmá wa kọ̀ láti wọlé.

Bàbá Adé: Ẹ yan `WPA2/WPA3`. Fóònù wọn á wọlé lórí WPA2, ìyẹn ni kò fi yẹ kí ẹ gé ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn kúrú.

Akin: Èmi á fi WPA3 nìkan sílẹ̀, kí màmá máa lo dátà.

Ìyá Ìbejì: Màmá ò ní gbà o. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ ọ́ ná.