Ẹ gbà mí o: mo kọ̀wé sórí Slack ibi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn

Àdùnní:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi ò balẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti wà níbi iṣẹ́ yìí. Mi ò pẹ́ dé rí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀dùn oníbàárà ni mo wà. Láàárọ̀ òní, Ọjọ́rú, mo jókòó, mo kọ ọ̀rọ̀ sí ṣánẹ́ẹ̀lì tí gbogbo wa jọ ń lò. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi kọ ọ́. Mo ṣàlàyé gbogbo nǹkan tinú tòde kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ò yé òun. Èèyàn 46 ló wà níbẹ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ímójì ojú méjì ni wọ́n fi sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíì kọ ìlà kan ṣoṣo nípa ẹ̀rọ amúlétutù, èèyàn mẹ́fà ló dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ni mánijà mi pè mí, ó ní ọ̀rọ̀ mi gùn jù, òun kò sì rí ohun tí mo ń fẹ́ nínú rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ṣé ẹni tó ṣàlàyé dáadáa ló wá di ẹlẹ́bi? Báwo lèèyàn ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò ní dà bí àrífín?

Fẹ́mi:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kò le rárá. Ẹ kọ `@channel` síwájú ọ̀rọ̀ yín. Gbogbo fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní lè ní àwọn ò rí i. Ẹ sì yọ gbogbo ìkíni kúrò.

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀rọ̀ yìí bá mi lára mu o. Nínú gúrúùpù ẹbí wa, mo kọ̀wé nípa ìsìnkú bàbá àgbà, mo kọ ọ́ títí ó fi gùn bí ẹsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n kàn ń fi "àmín" dáhùn ni. Mi ò gbàdúrà níbẹ̀ rárá! Owó ni mo ní kí wọ́n dá. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń pè wọ́n lórí fóònù ni. Ẹ pe àwọn èèyàn yín.

Àgbà Akọ̀wé:
Àdùnní, àbúrò mi, a ò tíì rí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Lẹ̀ ẹ́ síbí bó ṣe wà. Yọ orúkọ ilé iṣẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n má ṣe tún ohunkóhun ṣe.

Bọ́lájí:
Ẹni bá fi ogójì ìṣẹ́jú kọ ọ̀rọ̀ tán, ó kù ká fi ogójì kà á. Àwa náà ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má bínú o, òótọ́ ni mo sọ.

Àdùnní:
@Bọ́lájí, mi ò fi tipátipá ní kí ẹnikẹ́ni kà á. @Àgbà Akọ̀wé, òun nìyí sà:

> Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má bínú pé mo tún ń yọ yín lẹ́nu, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ ó rántí pé lóṣù tó kọjá mo sọ ọ́ nípàdé pé àwọn oníbàárà ń ráhùn nípa fáìlì, ẹnìkan sì ní kí n ní sùúrù. Ó ti wá ṣẹlẹ̀ báyìí. Láti Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń pè, àwọn kan tiẹ̀ ń pariwo mọ́ mi, èyí tí kò yẹ. Ẹni àkọ́kọ́ ní fáìlì òun kò wọlé, mo ní kó tún un ṣe, kò wọlé síbẹ̀. Wọ́n ti di 17 báyìí. Mo rò pé ìwọ̀n tí a fi sí i, 10 MB, ló kéré, torí fáìlì wọn máa ń tó 18 sí 22. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ìwé wọn sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá a lè wá nǹkan ṣe sí i, kí gbogbo wa jọ rò ó. @Akin ẹ bá wa wò ó o. Ẹ ṣé, ọjọ́ á dára o.

Àgbà Akọ̀wé:
O ṣeun tí o lẹ̀ ẹ́. Ìyà tí ò ń jẹ yìí kì í ṣe kékeré, oníbàárà 17 ń dúró dè ọ́.

Wò ó báyìí. Tí fóònù ẹnìkan bá dún, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló ń hàn lójú rẹ̀. Nínú tìrẹ, ohun tó hàn ni "Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé o. Ẹ kú iṣẹ́." Ẹni tó rí i á rò pé ìkíni lásán ni, á sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Ohun tí o fẹ́ gan-an wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì jẹ́ "ẹ bá wa wò ó". Kí ni kí ó wò? Tó bá wò ó tán, kí ló kù kó ṣe? Ẹni tó bá fi ojú wò ó tó fi ímójì ojú sí i ti ṣe gbogbo ohun tí o ní kó ṣe. Ìdí nìyẹn tí o fi rí ojú méjì.

Inú ìwé rẹ náà ni gbogbo ohun tó wúlò wà: ìwọ̀n 10 MB, oníbàárà 17, fáìlì 18 sí 22, Ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìwọ̀n tí o fẹ́ kí wọ́n gbé e dé, àti ìgbà tí o fẹ́ kó parí. Kọ́kọ́ dáhùn méjèèjì yìí fún mi.

Àdùnní:
Mo rò pé tí a bá gbé e dé 25, ó máa tó. Kó parí ní Ọjọ́bọ̀, aago 12 ọ̀sán, kí n lè rí àyè pe wọ́n padà. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ torí kò yẹ kí n máa pàṣẹ fún ẹ̀ka tó jù mí lọ.

Àgbà Akọ̀wé:
Ìbéèrè kì í ṣe àṣẹ. "Ṣé ẹ lè" wà níwájú rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́" náà wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí:

> @Akin ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gbé ìwọ̀n fáìlì oníbàárà láti 10 MB dé 25 MB kó tó di aago 12 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀?
> Oníbàárà 17 ni fáìlì wọn ò wọlé láti Ọjọ́ Ajé (18 sí 22 MB ni wọ́n), Ọjọ́ Ẹtì sì ni gbèdéke wọn.
> Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ lónìí, kí n ní kí wọ́n pín fáìlì wọn sí mẹ́ta. Àkọsílẹ̀ wọn wà nínú tíréèdì.

Ka ìlà àkọ́kọ́ nìkan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ohun tó máa ṣe, àti ìgbà tó máa ṣe é, gbogbo rẹ̀ ti pé. Ó lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" dáhùn. Ìlà kẹta ló ń ràn án lọ́wọ́ láti sọ "rárá" láìtijú, torí o ti fi ọ̀nà míì hàn án. Ìtàn ìpàdé oṣù tó kọjá àti àwọn tó pariwo mọ́ ọ, o lè gbé wọn fún mánijà rẹ. Wọn ò sí lára ohun tí Akin máa fi ṣiṣẹ́.

Ti àkọsílẹ̀ àwọn 17 náà, fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí èsì sábẹ́ ọ̀rọ̀ tìrẹ gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ kà á á ṣí i.

Fẹ́mi:
Síbẹ̀ `@channel` ló yára jù. Èmi máa ń lò ó.

Àgbà Akọ̀wé:
Fẹ́mi, kò burú tí iná bá ń jó ilé. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn 46 ló máa pè, títí kan àwọn tí kò sí lórí Slack lásìkò náà. `@here` ló máa ń pè kìkì àwọn tó wà lórí rẹ̀. Èèyàn kan ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Tí a bá pe gbogbo wọn, kálukú á rò pé ẹlòmíì á dáhùn.

Ṣadé:
Mo fara mọ́ ọ, àyàfi ti "ẹ káàárọ̀ sà" yẹn. Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n ní kí a má fi ìkíni síwájú rárá, ìbéèrè ni kó kọ́kọ́ hàn.

Ìyá Ìbejì:
Ha, Ṣadé! Ṣé kí ọmọ ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àgbà láìkí i?

Ṣadé:
Ẹ má bínú mà. Mo ní kó kí i. Ibi tí ìkíni máa wà ni mò ń sọ.

Àgbà Akọ̀wé:
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kò lè di ìbéèrè lọ́nà, tó bá wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí èèyàn fi "ẹ káàárọ̀ sà" nìkan ránṣẹ́, kó wá dúró dìgbà tí wọ́n bá dá a lóhùn. Ẹni tó rí i kò mọ ohun tó ń bọ̀, á kàn máa fura ni. Àdùnní, Akin yìí, ṣé òun ló ń mójú tó ìwọ̀n fáìlì?

Àdùnní:
Òun ni ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀rọ, sà. Ohun kan tún wà o. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀, Slackbot kọ nǹkan kan sí mi, ó ní Akin kò sí nínú ṣánẹ́ẹ̀lì náà, ó sì béèrè bóyá kí òun fi kún un. Mo yọ ọ́ kúrò. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti kọ orúkọ wọn, á dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bọ́lájí:
Kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà rárá! A ti fi wákàtí méjì jà lórí ìkíni.

Àgbà Akọ̀wé:
Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ nìkan ni Slackbot fi ọ̀rọ̀ yẹn hàn, àwọn tó kù kò rí i. Akin kò mọ̀ pé o pè é. Gígùn ọ̀rọ̀ rẹ ṣì burú, ṣùgbọ́n ká ní o kọ ìlà mẹ́ta péré, kò ní dáhùn náà. Kí ló dé tí o kò fi fi í kún un?

Àdùnní:
Ẹ̀rù ló bà mí. Ní ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn, àwọn èèyàn wa ti sọ oríṣiríṣi nípa ẹ̀ka wọn. Tí wọ́n bá wọlé, gbogbo ohun tí a ti kọ sẹ́yìn ni wọ́n máa rí. Mi ò fẹ́ di ẹni tó fa wàhálà.

Àgbà Akọ̀wé:
Ìbẹ̀rù tó nídìí ni. Má fi í kún un. Ìlà mẹ́ta yẹn gẹ́lẹ́, fi ránṣẹ́ sí i lábẹ́lẹ̀ ní kùtùkùtù ọ̀la, ṣùgbọ́n pa àkókò rẹ̀ dà: "kó tó di aago 12 ọ̀sán òní". Ní ṣánẹ́ẹ̀lì, kọ ìlà kan sábẹ́ ti àkọ́kọ́ pé o ti bá ọ̀gá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, èsì ń bọ̀. Kí àwọn 46 má rò pé o ṣì ń dúró dè wọ́n.

Ṣadé:
Èmi á ní kó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Àgbà Akọ̀wé:
Àwọn méjì ti fi ojú sí i. Tó bá pòórá, wọ́n á máa wá a. Ṣùgbọ́n kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Àdùnní (Ọjọ́bọ̀):
Ẹ kú ọ̀sán o. Mo fi ránṣẹ́ ní aago 8:10. Wọ́n dáhùn ní 8:24. Wọ́n ní 25 kò ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n lè gbé e dé 20, wọ́n sì ti ṣe é. Mo wo àkọsílẹ̀ mi: 12 nínú àwọn 17 ló wà lábẹ́ 20. Ó ku márùn-ún. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ ní ṣánẹ́ẹ̀lì tí kò ní tún gùn?

Àgbà Akọ̀wé:
Báyìí:

> Ìwọ̀n fáìlì oníbàárà ti di 20 MB láti àárọ̀ yìí. Nínú àwọn 17, àwọn 12 lè tún fáìlì wọn fi ránṣẹ́ báyìí.
> Ẹnikẹ́ni tí oníbàárà rẹ̀ bá wà lára àwọn márùn-ún tó kù (orúkọ wọn nínú tíréèdì), ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní kí wọ́n pín fáìlì wọn sí méjì kó tó di aago 4 ìrọ̀lẹ́ òní.

Àdùnní:
Mo ti fi ránṣẹ́. Mẹ́rin nínú márùn-ún ti ní ẹni tó gbà á. Ẹnìkan tó kù, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín. Mo ń lọ wá nọ́ńbà rẹ̀ báyìí.