Jọ̀lọ́ọ̀fù àwo 300: lítà òróró mélòó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alásè. Tí mo bá se jọ̀lọ́ọ̀fù èèyàn 10, ìrẹsì kílò kan àbọ̀ àti òróró ìdajì lítà ni mo ń lò. Àwo 300 ni ti ìgbéyàwó yìí. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po 30: ìrẹsì kílò 45, òróró lítà 15. Ti ìrẹsì yé mi, àmọ́ òróró yẹn pọ̀ lójú mi o. Omi ni mo ti dín kù, torí ìkòkò ńlá kì í tètè fa omi bíi kékeré. Ọjà, adìẹ, gáàsì àti owó àwọn tó ń bá mi sè jẹ́ ₦750,000, ìyẹn ₦2,500 lórí àwo kan. Lítà òróró mélòó ni kí n kọ síbẹ̀ kí n tó fún oníbàárà níye? Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣé gan-an.