Bọ̀ọ̀dá wa ta ilẹ̀ ẹbí: ṣé ká lọ sọ́dọ̀ ìjòyè ni, àbí kóòtù?

Ọmọ Ìjọ̀ka: Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé mi wá. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́ kó tó kú, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ fún gbogbo wa sì wà ní ọ̀nà Òṣú, a ò tíì pín in. Bọ̀ọ̀dá wa àgbà, òun ni olórí ẹbí látìgbà tí bàbá ti kú, ta pulọ́ọ̀tì méjì níbẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ìdí igi kejì, kò sọ fún ìkẹta. Ìdí igi kejì ni mo ti wá. Ẹni tó rà á ti ń gbẹ́ fáúndéṣọ̀n sórí ọ̀kan. Àbúrò mi fẹ́ lọ sí kóòtù lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn àgbà ní ká kó ọ̀rọ̀ náà wá sọ́dọ̀ ìjòyè àdúgbò ní Iléṣà níbí, àmọ́ wọ́n ní ká kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé ohunkóhun tí wọ́n bá dá la máa gbà. Ìwé yẹn ló ń kọ mí lóminú. Tí ìdájọ́ wọn ò bá tẹ́ mi lọ́rùn ńkọ́?

Àlááji Ìmọ̀: Ẹ má fi ara yín ṣe wàhálà. Tí ìjòyè bá ti dá ẹjọ́ ilẹ̀, ó ti parí nìyẹn, kò sí kóòtù tó tún lè gbọ́ ọ. Bí a ṣe parí tiwa nìyẹn, a sì wà ní ìrẹ́pọ̀ dòní.

Oníbúlọ́ọ̀kù: Èmi ò lọ sọ́dọ̀ ìjòyè kankan. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ da owó pọ̀ ra ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù, a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wa pé tí ìjà bá dé, ẹnìkan tí àwa méjèèjì bá fọwọ́ sí ni yóò dá a. Nígbà tó yá, ó pè mí lẹ́jọ́. Lọ́yà mi gbé ìwé náà fún adájọ́ kí a tó fèsì kankan sí ẹ̀sùn rẹ̀, adájọ́ sì dá ẹjọ́ náà dúró. Ẹnjiníà kan tó mọ iṣẹ́ wa la yàn. Ó yẹ ìwé ìṣirò wa wò, ó gbọ́ tẹnu wa, ó sì kọ ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá ẹnjiníà tàbí sáfeyọ̀ kó bá yín dá a.

Akọ̀wé Àná: Mo ṣe akọ̀wé kóòtù títí mo fi fẹ̀yìntì. Oníbúlọ́ọ̀kù, ohun tẹ ṣe dára, òfin ọdún 2023 lórí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ sì wà lẹ́yìn yín, ṣùgbọ́n ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìjà tó dé. Ẹbí yìí ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àlááji, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín kù díẹ̀. Mo ti rí ìdájọ́ àwọn àgbà tí adájọ́ tẹ́wọ́ gbà, mo sì ti rí èyí tó dà nù. Láti ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, ni Sùpírímù Kóòtù ti là á sílẹ̀. Adájọ́ máa béèrè bóyá tọ̀tún-tòsì ló fínnúfíndọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wá, bóyá wọ́n ti gbà ṣáájú pé àwọn máa tẹ̀lé ohun tí wọ́n bá dá, bóyá bí àṣà wọn ṣe wí ni àwọn àgbà ṣe jókòó, bóyá wọ́n sọ ìdájọ́ jáde, àti bóyá tọ̀tún-tòsì gbà á nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Lórí èyí tó kẹ́yìn yìí, àwọn lọ́yà ṣì ń bá ara wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹni tó bá tún padà gbé e lọ sí kóòtù máa gbọ́ pé ẹjọ́ ti parí.

Ọmọ Ìjọ̀ka, ìwé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí, ìbéèrè kejì yẹn gan-an ló ń dáhùn. Kì í ṣe ìwé ẹ̀tàn, àmọ́ ó wúwo. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ bá yín làjà. Nínú ìlàjà, ẹnikẹ́ni ò ní dá ẹjọ́ lé yín lórí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fohùn ṣọ̀kan, bí kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn ẹ lè dìde. Ìwé dé nígbà tẹ́ ẹ bá ti rí ohun tẹ́ ẹ fara mọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé mi ò gbọ́ orúkọ ẹni tó ra ilẹ̀. Ìdájọ́ àwọn àgbà kì í mú ẹni tí kò bá wọn jókòó. Ẹ lè parí ìjà láàárín ara yín, kí onítọ̀hún máa kọ́lé lọ. Olórí ẹbí ló sì tà á. Ká ní ọmọ ẹbí lásán ló tà á bíi tara rẹ̀, títà náà ì bá ti já sófo látìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ olórí ẹbí ló dá a tà láìsí àwọn àgbà ìdí igi yòókù, títà náà dúró títí kóòtù fi máa wọ́gi lé e, kóòtù kì í sì í fẹ́ràn ẹni tó ń wò títí tí ilé fi dé òrùlé. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí i kíákíá pé kó dáwọ́ dúró, kó sì wá síbi ìlàjà. Tó bá kọ̀, ẹ lọ gba àṣẹ ìdádúró ní kóòtù. Ìyẹn ò ba ìlàjà jẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá fohùn ṣọ̀kan, adájọ́ lè sọ àdéhùn yín di ìdájọ́ kóòtù, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ọmọ Ìjọ̀ka: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Kí wá la lè fohùn ṣọ̀kan lé lórí? Bọ̀ọ̀dá ti ná nínú owó náà.

Akọ̀wé Àná: Mo ti rí irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi tiyín ṣe é. Ká ní ẹni tó rà á yóò mú pulọ́ọ̀tì tó ti gbẹ́, kí gbogbo ìdí igi fọwọ́ sí i fún un, kí ìkejì padà sọ́dọ̀ ẹbí. Owó ti àkọ́kọ́ jẹ́ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ní ìdí igi mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ló kan ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Bọ̀ọ̀dá yín jẹ ìdí igi méjì yòókù ní mílíọ̀nù kan, ó sì jẹ ẹni tó rà á ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lórí èyí tó padà. Mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ló gbọ́dọ̀ kó jáde. Tí kò bá ní in, ìpín ìdí igi tirẹ̀ nínú ilẹ̀ tó kù lè dúró fún gbèsè náà títí ọjọ́ kan tẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀, bí àwọn àbúrò rẹ̀ níbẹ̀ bá gbà. Ẹ má kọ ọ́ pé "láti ìdí obì dé odò". Sáfeyọ̀ ni kó wọ̀n ọ́n kí nọ́ńbà bíkìn wọ inú àdéhùn, kí lọ́yà sì ṣe ìwé ilẹ̀ tó yẹ fún ẹni tó rà á.

Àlááji Ìmọ̀: Tiwa ò wà lórí ìwé rárá o.

Akọ̀wé Àná: Kò pọn dandan kó wà lórí ìwé, Àlááji. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́rìí yín ń dàgbà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí àwọn tó jókòó níbẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì: Ṣé àwọn obìnrin wà nínú ìpàdé yẹn? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á ní ọmọbìnrin ti lọ sílé ọkọ. Ẹ̀tọ́ wa dọ́gba nínú ilẹ̀ bàbá wa.

Ọmọ Ìjọ̀ka: Ìyá, àǹtí wa ní Ìbàdàn ni àgbà ìdí igi kẹta, a máa pè é. Òun ló tiẹ̀ ní òun ò fẹ́ ìjòyè yẹn, nítorí ìyàwó rẹ̀ tan mọ́ ìdí igi kìíní.

Akọ̀wé Àná: Kó sọ ọ́ kí ẹ tó jókòó. Tó bá dákẹ́ títí wọ́n fi dá a tán, wọ́n á ní ó ti gbà.

Ọmọ Ìjọ̀ka: Bí a ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá olóyè tí kò fi ní dà bí ìwọ̀sí ni mi ò tíì mọ̀. Màá pe lọ́yà lónìí nípa lẹ́tà yẹn. Sáfeyọ̀ ńkọ́, ta ni kó san owó rẹ̀, ẹbí lápapọ̀ ni àbí bọ̀ọ̀dá?