Etíkun ni tàbí orí òkè? Ọjọ́ mẹ́rin ìsinmi Àjíǹde fún ìdílé kan láti Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà. Láti ọjọ́ Ẹtì Rere títí di ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọwọ́ èmi àti ọkọ mi yóò dilẹ̀, a sì fẹ́ jáde kúrò ní Ìbàdàn. Àwọn ìbejì wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, yóò bá wa lọ, ìyá ọkọ mi náà yóò sì wà pẹ̀lú wa. Màmá ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, orúnkún wọn ọ̀tún sì máa ń dà wọ́n láàmú.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ìwé ìparí ọdún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu mi. Ohun tí mo fẹ́ ni ibi tí n ó ti sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, tí n kò ní dáná, tí ẹnikẹ́ni kò ní pè mí síbi kankan. Ọkọ mi ní tirẹ̀ sọ pé bí òun bá jókòó sójú kan fún ọjọ́ mẹ́rin, àìsàn ni yóò dà sí òun lára. Ó fẹ́ ohun kan tí yóò mú kí òun làágùn, kí àyà òun sì já díẹ̀. Etíkun Èkó ni ojú mi wà, òkè Ìdànrè ni ojú tirẹ̀ wà. A ní ọkọ̀ tiwa. Kò sí ẹni tó mọ̀wẹ̀ nínú wa, àfi ọkọ mi tó máa ń wẹ̀ díẹ̀ nínú omi òtẹ́ẹ̀lì. Èwo ni kí a mú?

Ọmọ Mọ́níyà

Ẹ̀gbọ́n, etíkun ni kí ẹ lọ, kí ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà níhìn-ín, yóò gbé yín dé Ẹ̀búté Mẹ́ta kó tó pé wákàtí mẹ́ta, láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rárá. Láti ibẹ̀ ẹ dé erékùṣù, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay. Bí i ogún ìṣẹ́jú ni lórí omi, ìyẹn gan-an sì ti tó kí àyà ọkọ yín já. Omi ibẹ̀ pa rọ́rọ́, àwọn ọmọ lè ṣeré nínú rẹ̀, Màmá á sì jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Lórí òkè, ẹsẹ̀ á máa ro yín ni, ẹ ò ní sinmi. Bí òkun bá sì fẹ́ fa ọkọ yín, kó kàn kọjú sí ilẹ̀ kó fi gbogbo agbára wẹ̀ bọ̀, ọkùnrin ni.

Màmá Àpáta

Ọmọ mi, orí òkè ni kí o lọ, má ṣe ṣiyèméjì. Àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni èmi máa ń gbà ní gbogbo Àjíǹde, ọkàn mi a sì fúyẹ́ bí ìyẹ́. Mú ẹní àti omi dání, mú aṣọ òtútù fún àwọn ìbejì. Màmá lè jókòó sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n máa gbàdúrà láti ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, Mà. Òkè ìgbafẹ́ ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe òkè àdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé wa nínú tiyín.

Ọmọ Òkè Ìdànrè

Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ létí òkun ní Èkó, nítorí náà mo lè sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì.

Òótọ́ ni Ọmọ Mọ́níyà sọ nípa Tarkwa Bay. Ògiri òkúta ńlá tí ìjọba àwọn òyìnbó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ni ó ń gba ìgbì dúró fún un, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo etíkun Èkó rí. Ẹlẹ́gúṣì àti Ẹlẹ́kọ̀ kọjú sí agbami tààrà, ilẹ̀ abẹ́ omi ibẹ̀ sì máa ń jìn lójijì, débi pé ẹni tí omi dé orúnkún rẹ̀ lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí omi tó mu ún dé àyà.

Ohun tó sọ gbẹ̀yìn ni kí ẹ jọ̀wọ́ má ṣe tẹ̀ lé, nítorí pé ó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Omi tí ìgbì ń dà sí etí iyanrìn gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà. Ó máa ń kóra jọ sí ojú ọ̀nà tóóró kan, a sì máa ṣàn padà sínú òkun ju bí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ èèyàn ti lè wẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ojú àlejò máa ń rí bí ibi tó dára jù láti wọ̀, torí ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀: omi rẹ̀ a dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí kí iyanrìn rú u, tí ìfófòó orí rẹ̀ a sì máa lọ síta nígbà tí ti àwọn yòókù ń bọ̀. Ẹni tí ó bá gbé tó sì kọjú sí ilẹ̀, yóò wẹ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán lójú kan náà. Kí ó jẹ́ kí omi gbé òun léfòó ni, kí ó wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìbú etíkun títí yóò fi kúrò lójú ọ̀nà tóóró yẹn, kí ó tó tẹ̀ lé ìgbì padà wá sílẹ̀. Omi òtẹ́ẹ̀lì kì í kọ́ ni ní èyí.

Nítorí náà, ohun tí mo máa bi yín ni pé níbo ni ẹ ti lè díwọ̀n ìjáyà tí ọkọ yín ń wá. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn Ìdànrè dé ìdajì tó sì rẹ̀ wọ́n, wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á sọ̀kalẹ̀. Òkun kì í dúró de ẹni tó bá rẹ̀.

Bàbá Ṣálẹ́ńjì

Bí òkè bá ni, Ọbúdú ni mo bá dìbò. A lọ ní ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, èmi àti ìyàwó mi. Òkè náà ga tó bí i mítà 1,600, òtútù ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé aṣọ òtútù tí a ti gbé pamọ́ láti ìgbà tí a ti ìlú òyìnbó dé la tún wọ̀. Ohun tó ṣe mí ni pé a wọ bàálù láti Èkó dé Calabar, a sì tún fi ọ̀sán gbọọrọ wọ mọ́tò. Nínú ọjọ́ márùn-ún tí a ní, méjì lójú ọ̀nà. N kò kábàámọ̀ o, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé ẹnu iṣẹ́ ni mo wá sùn.

Ọmọ Mọ́níyà

Mo gbà lórí ọ̀rọ̀ omi, ẹ ṣé, Bọ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹ kò dáhùn tèmi: ìyàwó ló ń wá ìsinmi, àtẹ̀gùn 667 sì ni ẹ ń fún un.

Ọmọ Òkè Ìdànrè

Àwọn kan ń ka 667, àwọn mìíràn ń ka ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èmi ti gùn ún tó, iye tí mò ń bá kì í dọ́gba. Ìbéèrè rẹ dára, àbúrò, ìdáhùn mi yóò sì ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: kí wọ́n má sùn ní ìlú mi.

Ìkògòsì ni kí ẹ sùn sí, Ìyá Ìbejì. Bí ẹ bá kúrò ní Ìbàdàn ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ gba Ifẹ̀ àti Iléṣà, ó yẹ kí ẹ ti dé kí ọjọ́ tó kanrí. Ìsun omi gbígbóná àti ti tútù ń pàdé níbẹ̀ láàárín igbó, èyí tí kò gba àgbà tàbí ọmọdé ní agbára kankan. Ọjọ́ yẹn, ẹ má ṣe nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ọkọ yín kó àwọn ìbejì kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n gba Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí gùn ún ní bí aago méje. Ohun méjì ló mú kí n tẹnu mọ́ àárọ̀. Àpáta òkè wa máa ń gba oòrùn sára. Tí ó bá fi máa di aago mọ́kànlá, ooru á máa bọ̀ láti òkè àti láti abẹ́ ẹsẹ̀. Èkejì ni pé òjò àkọ́rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà Àjíǹde, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni ó sì sábà máa ń rọ̀, tòun ti àrá. Bí ìlà oòrùn bá ṣú, tí afẹ́fẹ́ tútù kan sì dé lójijì, kí wọ́n má ṣe sọ pé ó ku díẹ̀ kí àwọn dé ààfin àtijọ́. Kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí ibi sísá sí lórí àpáta lásán. Lítà omi kan àtààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bàtà kánfáàsì tó di ẹsẹ̀ mú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ sílípáàsì. Bí wọ́n bá ti la àtẹ̀gùn kọjá, ìlú àtijọ́ ni wọ́n á bá lókè, ààfin Ọwá àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, kí gbogbo yín sinmi. Lọ́jọ́ Ajé, bí ẹ ti ń bọ̀, ẹ yà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kí ẹ wo Olúmirìn. Ìpele méje ni ìtàkìtì omi náà, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti tó yín.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtù

Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ fi kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé gígùn ni ó ń ba orúnkún jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé sísọ̀kalẹ̀ ni ó ń dà á láàmú jù, torí gbogbo ìwúwo ara ni ó ń já lé e ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí Màmá má ṣe sọ pé àwọn á gun díẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n bá gùn ni wọ́n máa sọ̀. Kí ọkọ yín náà mọ̀ pé ìrora itan rẹ̀ kò ní dé lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Ajé ni yóò dé, ọjọ́ tó fẹ́ wa ọkọ̀ padà. Ẹ jọ pín wíwa ọkọ̀ náà, bí ẹ bá lè wà á.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ọkọ mi, Ìkògòsì ni a sì fẹnu kò sí. Mo lè wa ọkọ̀, èmi ni n ó sì wà á láti Iléṣà dé ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí nìyí. Mo sọ pé èmi á dúró ti Màmá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú, torí oorun ni mo ń rò. Màmá gbọ́, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé tí a ń ṣọ́, kí n bá ọkọ mi lọ kí ọwọ́ méjì lè wà fún ọmọ méjì. Ọkọ mi ní òótọ́ ni Màmá sọ. Láti àná ni a ti wà lórí rẹ̀, n kò sì tíì gbà.