Ìmọ̀ràn lórí sitọ́ríbọ́ọ̀dù ìpolówó gàrí: báwo ni ọjà ṣe máa jọra nínú gbogbo fíréèmù?

Bọ́ládé_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìpolówó gàrí Ìjẹ̀bú fún mi, fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré tí wọ́n máa gbé sórí Instagram àti WhatsApp. Mo ya sitọ́ríbọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn àwòrán bí fídíò náà ṣe máa lọ, ní fíréèmù 6. Ẹni tó ni gàrí wò ó, ó ní òun ò mọ èyí tó jẹ́ náílọ́ọ̀nù òun nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ó ga níbì kan, ó kúrú níbòmíì, ọwọ́ tó gé e náà tún yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe kí wọ́n lè jọ ara wọn? Mo lè yàwòrán díẹ̀, fóònù mi sì ń ya fọ́tò dáadáa.

Dèjì_Ẹdítọ̀

Àbúrò, iná ni kó o kọ́kọ́ wá. Ra iná olóbìrípo yẹn, gbé e síwájú tábìlì, má sì pa á títí tẹ́ ẹ fi máa parí. Tó o bá gbé fídíò sínú CapCut, àwọ̀ kan náà ni kó o fi sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n á jọra.

Bọ́ládé_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n, màá rántí ìyẹn. Àmọ́ a ò tíì ya fídíò rárá, orí bébà la ṣì wà.

Túndé_Gbogbo_Ìṣẹ́

Fíréèmù 6 ti kéré jù. Ìṣẹ́jú-àáyá 15, fíréèmù 15, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá pọ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn ò ní hàn mọ́, torí ojú á máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì wẹ́rẹ́.

Ọ̀gá_Pẹ́ńsù

Bọ́ládé, má tíì ya fíréèmù míì. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé láti orí lo ti ń ya náílọ́ọ̀nù náà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ọwọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò ní yàtọ̀, bó ti wù kí ẹni náà mọ̀ ọ́n yà tó.

Gbé náílọ́ọ̀nù gàrí gan-an sórí tábìlì, kí gàrí kún inú rẹ̀. Fi fóònù yà á láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, àti láti igun tó wà láàárín méjèèjì. Dúró jìnnà díẹ̀, kó o wá fi fóònù fà á súnmọ́, nítorí bí fóònù bá súnmọ́ ọjà jù, iwájú ọjà á fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì fún. Tẹ fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde ní ńlá àti ní kékeré. Látìgbà yẹn lọ, o ò ya náílọ́ọ̀nù mọ́. Bébà fẹ́lẹ́ tó ń fi ìsàlẹ̀ hàn lo máa tẹ́ lé fọ́tò, wàá sì tọ ìlà rẹ̀. Bí o ò bá rí irú bébà bẹ́ẹ̀ rà, lẹ fọ́tò mọ́ gíláàsì fèrèsé lọ́sàn-án, kó o gbé bébà lásán lé e.

Ní ti lébẹ́lì, má kọ lẹ́tà sí i. Lẹ́tà kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ dàrú. Wá nǹkan kan tí ojú máa ń rí lára rẹ̀ kó tó rí orúkọ. Ká ní náílọ́ọ̀nù náà ní ọ̀já pupa tó gba àárín kọjá, kun ọ̀já yẹn ní pupa nínú gbogbo fíréèmù, kó o sì fi tábìlì, abọ́ àti ọwọ́ sílẹ̀ ní pẹ́ńsù lásán. Oníbàárà rẹ á rí ọjà rẹ̀ kó tó rí nǹkan mìíràn, kò sì ní bi ọ́ mọ́ èwo ni tòun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ya tábìlì bí ẹni tó wà lórí àjà ṣe máa rí i. Fi ibi tí fèrèsé wà sí i, ibi tí náílọ́ọ̀nù wà, ibi tí abọ́ wà, ibi tí ẹni tó máa mu gàrí jókòó sí. Fa ìlà kan láti ọ̀dọ̀ ẹni náà dé ibi náílọ́ọ̀nù. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ìlà yẹn ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá fi lè kọjá sí òdìkejì, ọwọ́ tó ti apá ọ̀tún wọlé ní fíréèmù 2 á ti apá òsì wọlé ní fíréèmù 4, ẹni tó ń wò ó á rò pé ẹlòmíì ló dé. Bí fèrèsé bá wà lápá òsì, apá ọ̀tún ni òjìji gbogbo nǹkan máa ṣubú sí. Fi ọfà kékeré kan sí igun fíréèmù kọ̀ọ̀kan láti fi ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá hàn, kó o má bàa gbàgbé bó o bá dé ìkarùn-ún.

Ìyá_Aláṣọ_Òkè (Peckham)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Aṣọ òkè ni mò ń tà níbí, ohun tó ń ṣe Bọ́ládé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Ọmọ tó ń bá mi ṣe ìpolówó ya sányán mi, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì oníwàrà nínú fíréèmù kan, ó wá pupa nínú òmíràn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gé etí aṣọ náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí bébà, mo ní orí ìyẹn ni kó ti máa mú àwọ̀. Bọ́ládé, gé náílọ́ọ̀nù tó ti ṣófo, kó o lẹ ibi ọ̀já pupa yẹn mọ́ orí bébà rẹ. Ẹni tó máa ya fídíò náà á lè gbé e wò.

Fọlákẹ́_Fọ́tò

Mo gbà pẹ̀lú Ọ̀gá lórí tábìlì àti ìlà, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi ń yàwòrán rárá? Ó ní fóònù, ó ní gàrí. Kó gbé fóònù sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó fi sẹ́lótéèpù sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ àti ibi tí abọ́ wà, kó wá ya fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tó bá jẹ́ iPhone ni, kó tẹ ìka mọ́ ara náílọ́ọ̀nù lójú fóònù títí `AE/AF LOCK` á fi yọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fọ́tò á máa yí padà bí ọwọ́ bá ti ń wọlé tó ń jáde. Kó sì yà á tán láàárín wákàtí kan, kí oòrùn má tíì kúrò níbi tó wà. Náílọ́ọ̀nù gidi kò lè ṣàìjọ ara rẹ̀.

Ọ̀gá_Pẹ́ńsù

Fọlákẹ́, ọ̀nà tó yá ni. Ohun tí mi ò fẹ́ nínú rẹ̀ ni pé oníbàárà tó bá ti rí fọ́tò máa ń gbà pé bí fídíò ṣe máa rí gan-an nìyẹn. Á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa èékánná ẹni tó di náílọ́ọ̀nù mú, nígbà tó yẹ kó máa sọ bóyá ìtàn náà yé òun. Àwòrán pẹ́ńsù ń jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan ṣì lè yí padà.

Túndé, fíréèmù kan dúró fún ibi tí kámẹ́rà ò tíì yípò, kì í ṣe fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Níbi tí nǹkan bá ti yí padà lójú kan náà, ẹyọ kan ò tó. Dída gàrí sínú abọ́ nílò 3A tí abọ́ ṣófo, àti 3B tí gàrí ti wà nínú rẹ̀.

Ìyẹn ló mú mi dé ibi tí ọ̀pọ̀ sitọ́ríbọ́ọ̀dù ti ń bàjẹ́. Fíréèmù lè jọra ní yíyà kí nǹkan inú rẹ̀ má bára mu. Bọ́ládé, jẹ́ ká rìn ín láti òkè. Fíréèmù 1, náílọ́ọ̀nù kún, ẹnu rẹ̀ dì: ìṣẹ́jú-àáyá 2. Fíréèmù 2, ọwọ́ ń fi sísọ́ọ̀sì gé e: 2. Fíréèmù 3, gàrí ń dà sínú abọ́, kámẹ́rà súnmọ́ tímọ́tímọ́: 3. Láti ibí lọ, náílọ́ọ̀nù ti ṣí, ikùn rẹ̀ ti rọ̀. Bó bá yọ lẹ́yìn abọ́ ní fíréèmù 4, kò gbọdọ̀ kún mọ́. Fọ́tò kẹrin tó yẹ kó o yà nìyẹn, náílọ́ọ̀nù tó ti ṣí, kó o lè máa tọ ìlà tiẹ̀ náà.

Fíréèmù 4, omi tútù ń dà sí i: 3. Fíréèmù 5, ọmọbìnrin ń mu ún: 3. Gàrí a máa fa omi, a sì máa wú. Nítorí náà fi ìlà sàmì sí ibi tí omi dé nínú abọ́ ní fíréèmù 4, kó o sì pinnu ibi tí gàrí dé ní fíréèmù 5. Abọ́ gíláàsì ló dáa jù fún èyí, torí ìlà omi ò ní hàn nínú abọ́ tánganran. Bí ẹ̀pà bá wà nínú abọ́ ní fíréèmù 5, ìgbà wo ló wọlé? Ó ní láti ti wà lórí tábìlì láti fíréèmù 1, tàbí kó o yọ ọ́ kúrò.

Fíréèmù 6, ọjà àti orúkọ rẹ̀: 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Oníbàárà á fẹ́ kí náílọ́ọ̀nù kún, kí ẹnu rẹ̀ sì dì níbẹ̀. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: «náílọ́ọ̀nù kejì, a kò tíì ṣí i». Fa àpótí fíréèmù rẹ lóròó, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4.5, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 8, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á wọ ojú bébà A4 kan, ààyè á sì kù lábẹ́ wọn fún ọ̀rọ̀. Má fi orúkọ ọjà sí ìsàlẹ̀ fíréèmù, nítorí ọ̀rọ̀ àti àmì Instagram fẹ́ẹ̀ bo ìdá kan nínú mẹ́ta níbẹ̀ bó bá jẹ́ Reels.

Fọlákẹ́_Fọ́tò

Ọ̀gá, mi ò tíì gbà lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò o. Sọ fọ́tò di dúdú àti funfun, kó o fi ọ̀já pupa nìkan sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pè é ní fídíò tó ti parí. Bọ́ládé, ohun yòówù kó o lò, kó wọn sínú CapCut, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀, kó o ka ọ̀rọ̀ ìpolówó lé e lórí. Bí ohùn rẹ bá ṣì ń sọ̀rọ̀ omi nígbà tí fíréèmù 5 ti dé, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù, gé e kúrú.

Dèjì_Ẹdítọ̀

Ó ti yé mi báyìí. Ẹ má gbàgbé pé nọ́ńbà NAFDAC gbọ́dọ̀ wà lára náílọ́ọ̀nù yẹn, ìpolówó náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ARCON kó tó jáde.

Bọ́ládé_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti ní fọ́tò náílọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ku ọmọbìnrin inú fíréèmù 5. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló hàn ní fíréèmù 2 sí 4. Báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé òun náà ni?

Ọ̀gá_Pẹ́ńsù

Fi nǹkan kan sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ funfun tàbí aago, ọwọ́ kan náà ní gbogbo ìgbà. Kí apá aṣọ rẹ̀ wọnú fíréèmù 2 díẹ̀. Fíréèmù 5 ni kó o kọ́kọ́ yà tán, kó o tó padà sẹ́yìn lọ tọ ọwọ́ yẹn.

Ìyá_Aláṣọ_Òkè (Peckham)

Kó sì jẹ́ aṣọ tí kò ní pupa nínú o, kó má bàa bá ọ̀já gàrí figagbága.