Àbọ̀ rèé lórí àwòrán ìta fídíò mi

Mo béèrè níjọ́sí pé: "Kí ló dé tí àwọn èèyàn kì í tẹ fídíò mi lórí táàpù tó ń jò?"

Ẹni tó ní kí n sún àwòrán náà kéré bí èékánná ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ méje tí mo kọ sí i ò ṣeé kà mọ́, aago fídíò sì bo èyí tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo fi ẹ̀kán omi kan àti "Ó Ń JÒ!" sílẹ̀. Àkọlé di "Bí mo ṣe pààrọ̀ rọ́bà inú táàpù". Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ báyìí.

Ojú ìyàlẹ́nu tí ẹnìkan ní kí n yà mú wọn wọlé lóòótọ́, àmọ́ kíá ni wọ́n ń jáde: kò sí ìyàlẹ́nu nínú fídíò. Mo yọ ọ́.

Fídíò mi àtijọ́ méjì ò tíì yí padà. Ẹ ṣé.